Fáìlì tẹ́ ẹ dílíìtì ṣì wà níbẹ̀: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú háàdì dísíkì gan-an

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kó fíìmù tó tó gígábáìtì 4 sórí háàdì dísíkì, ẹ máa dúró dáadáa, ẹ ó máa wo ìlà aláwọ̀ ewé yẹn bó ṣe ń fà díẹ̀díẹ̀, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó pa fíìmù yẹn kan náà rẹ́, kíá ló ti lọ, ẹ ò tíì ṣẹ́jú tán. Fíìmù tó gba gbogbo àsìkò yẹn kó tó wọlé, báwo ló ṣe jáde wẹ́rẹ́ báyẹn? Kò jáde ni. Ibi tó wà náà ló ṣì wà, kọ̀mpútà kàn yọ orúkọ ẹ̀ kúrò ni.

Háàdì dísíkì tí mo ń sọ níbí ni ti àtijọ́ tó ní àwo nínú tó ń yí, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà l'Ádó, àti èyí tí à ń fi wáyà so mọ́ kọ̀mpútà láti ìta. Wíńdóòsì máa ń gé àyè orí ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kílọ́sítà ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ètò NTFS tí Wíńdóòsì ń lò, kílọ́sítà kan sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096. Fáìlì méjì kì í pín kílọ́sítà kan lò. Tẹ́ ẹ bá wá ní ìbéèrè ìdánwò tẹ́ ẹ tẹ̀ sínú Word tó jẹ́ kílóbáìtì 46, kílọ́sítà 12 ló máa gbà, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn á kàn ní àyè díẹ̀ tó ṣófo ní ìparí ẹ̀.

Kílọ́sítà tó wà lórí háàdì dísíkì ńlá lè ju mílíọ̀nù 100 lọ, nítorí náà NTFS ò lè máa fojú wá nǹkan kiri inú wọn, ìwé méjì ló fi ń mójú tó gbogbo ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ MFT, ibẹ̀ ni fáìlì kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ìwé tiẹ̀, báìtì 1,024 lojú ìwé kan sábà máa ń jẹ́, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, nọ́ńbà àwọn kílọ́sítà tí ohun tó wà nínú fáìlì yẹn wà gan-an. Ìwé kejì ni bítímáàpù, ìyẹn ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa kílọ́sítà kọ̀ọ̀kan: 1 túmọ̀ sí pé ẹnì kan wà níbẹ̀, 0 túmọ̀ sí pé ó ṣófo.

Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ìta rí lágbègbè Ìwòròkò lápá ibi tí yunifásítì wà á tètè rí ohun tí mo ń wí. Kéátékà ní ìwé kan tó kọ orúkọ àwọn tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan sí. Ọjọ́ tí owó ilé yín bá pé tẹ́ ẹ ò san, ó lè fa ìlà gba orúkọ yín kọjá kó sì sọ fáwọn tó ń wá ilé pé yàrá 7 ti ṣófo, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì yín, ìkòkò yín àti ìwé yín ṣì wà nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó kó wọn. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá gbé ẹrù ẹ̀ dé lọ́jọ́ tí tiyín máa bọ́ síta.

Ohun tí Wíńdóòsì ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Kẹ́ ẹ má bàa ṣì mí gbọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ Delete lásán, fáìlì yẹn kàn ṣí lọ sínú Recycle Bin ni, ẹ lè mú un jáde níbẹ̀ láìsí wàhálà kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ bá tú Recycle Bin dànù, tàbí tẹ́ ẹ tẹ Shift+Delete. Nígbà yẹn, Wíńdóòsì á yọ orúkọ fáìlì náà kúrò nínú fólúdà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi rí i mọ́. Á lọ sójú ìwé ẹ̀ nínú MFT, á yí àmì kékeré kan níbẹ̀ padà pé ojú ìwé yìí ò sí ní lílò mọ́. Á lọ sínú bítímáàpù, á sọ 1 di 0 fún àwọn kílọ́sítà 12 ìbéèrè ìdánwò yẹn. Ó parí. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kílọ́sítà 12 yẹn rárá, kódà kò pa orúkọ àti nọ́ńbà kílọ́sítà tó wà lójú ìwé yẹn rẹ́, ó kàn sàmì sí i ni.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ya ọ̀lẹ o. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dílíìtì nǹkan ni Wíńdóòsì ń lọ fi òdo kún gbogbo àyè yẹn, pípa fíìmù gígábáìtì 4 rẹ́ á gba àsìkò kan náà tí kíkó o wọlé gbà, kọ̀mpútà á máa falẹ̀, háàdì dísíkì á sì máa ṣiṣẹ́ asán, torí nǹkan mìíràn ṣì máa wá kọ ara ẹ̀ lé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ tíṣà kan ní Ìkẹ́rẹ́, torí inú ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí nǹkan ti ń yọrí sí rere àti ibi tó ti ń bàjẹ́. Ìyá yìí ní háàdì dísíkì gígábáìtì 500 tó máa ń so mọ́ lápútọ́ọ̀pù, ó ti kún dẹ́nu, mẹ́gábáìtì 600 péré ló kù. Ó ń wá àyè, ó wá rí fólúdà kan tó rò pé òun ti kọ́pì ẹ̀ síbòmíì, mẹ́gábáìtì 1,900 ni, ìbéèrè ìdánwò láti SS1 dé SS3 wà níbẹ̀, èsì àwọn ọmọ wà níbẹ̀, fọ́tò ìńtáháòsì ilé-ìwé náà wà níbẹ̀. Ó tẹ Shift+Delete. Lójú ẹsẹ̀ ó kó fíìmù méjì tí ọmọ ẹ̀ fún un sórí ẹ̀, àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ mẹ́gábáìtì 1,400. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá kọ́pì tó rò pé òun ní, kò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀mpútà ṣe ní Òkèṣà l'Ádó.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ dílíìtì ẹ̀, kí lẹ tún ṣe lórí ẹ̀?"

"Fíìmù méjì péré ni mo kó sí i, ọmọ mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́ mà? Ẹ tún so ó mọ́ kọ̀mpútà?"

"Mo so ó, mo ń wá fáìlì mi. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n dáńlóòdù sọ́fíwià kan tó máa ń gba nǹkan padà, mo ti dáńlóòdù ẹ̀ tán, mo ní kí n kọ́kọ́ wá rí ẹ kí n tó fi í sórí ẹ̀."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró mà. Ẹ má fi nǹkan kan sórí ẹ̀ mọ́, kódà tó bá jẹ́ báìtì kan ṣoṣo."

Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan ló ti sọ fún ìyá yẹn bí ìrètí ṣe tó, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà. Fíìmù nílò 1,400, àyè tó ṣófo tẹ́lẹ̀ jẹ́ 600. Ká ní Wíńdóòsì kọ́kọ́ lo gbogbo 600 yẹn tán, mẹ́gábáìtì 800 tó kù ò níbi tó máa gbà ju inú àyè tí fólúdà yẹn fi sílẹ̀ lọ. Ohun tó lè ṣẹ́ kù lára 1,900 ò lè ju 1,100 lọ nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé àyè fólúdà yẹn ni gbogbo fíìmù náà bọ́ sí, 500 ló máa ṣẹ́ kù. Àárín 500 sí 1,100 ni gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni láyé lè gbà padà, ì báà jẹ́ Èkìtì ni tàbí Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ sọ́fíwià ọ̀fẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń tà lówó ńlá. Ká ní háàdì dísíkì yẹn ṣófo dáadáa ni, fíìmù ọ̀hún ì bá ṣeé ṣe kó lọ síbòmíì pátápátá, gbogbo nǹkan ì bá sì padà. Háàdì dísíkì tó kún ló ń tètè jẹ fáìlì tó ti kú, torí kò síbòmíì tí nǹkan tuntun máa gbà.

Ọmọkùnrin yẹn ò wá fáìlì lórí háàdì dísíkì ìyá náà fúnra ẹ̀. Ó kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ látòkèdélẹ̀ sórí háàdì dísíkì tiẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, àyè tó ń lò àti àyè tó ṣófo pa pọ̀, ìyẹn gba bíi wákàtí kan àbọ̀ torí gígábáìtì 500 kì í ṣe kékeré. Lórí ẹ̀dà yẹn ló ti ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé nǹkan yín lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe tẹ́ ẹ wá rí i pé orí háàdì dísíkì yín gan-an ló ń sẹ́fù ohun tó ń rí sí, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kíá, torí fáìlì tó bá gbà padà lè máa kọ ara ẹ̀ lé èyí tí kò tíì gbà.

Ohun tó rí yàtọ̀ síra. Ìbéèrè ìdánwò SS2 tó jẹ́ kílóbáìtì 46 padà odindi pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, torí ojú ìwé ẹ̀ nínú MFT ṣì wà, fíìmù ò sì bọ́ sórí ìkankan nínú kílọ́sítà 12 ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó kù náà padà báyẹn.

Àmọ́ fáìlì méjì wà tí ò lórúkọ mọ́. Ohun tó fà á ni pé fíìmù tuntun náà nílò ojú ìwé nínú MFT, NTFS sì sábà máa ń mú ojú ìwé àkọ́kọ́ tó bá rí pé wọn ò lò mọ́, fíìmù méjì gba ojú ìwé méjì, àwọn fọ́tò méjì kan lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Ọ̀rọ̀ inú àwọn fọ́tò náà ṣì wà nínú kílọ́sítà wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè sọ ibi tó wà mọ́. Ibí yìí la ti ń lo sọ́fíwià bíi PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, kì í wo ìwé kankan, ṣe ló máa ń ka kílọ́sítà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí tó ń wá àmì tí irú fáìlì kan fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò JPEG máa ń fi báìtì `FF D8 FF` bẹ̀rẹ̀, PDF máa ń fi `%PDF` bẹ̀rẹ̀. Ó rí àwọn fọ́tò méjèèjì, ó fún wọn lórúkọ bíi `f0412672.jpg`, èyí tí ò nítumọ̀ kankan fún tíṣà, ó ní láti ṣí wọn kó tó mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó níbi tí ọ̀nà yìí ń mọ o. Tí fáìlì kan bá fọ́n káàkiri, apá kan níbí, apá kan lọ́hùn-ún, PhotoRec kì í sábà mọ ibi tí apá kejì wà, MFT nìkan ló mọ̀ ọ́n, MFT ò sì sí mọ́.

Èyí tó dun ìyá yẹn jù ni fọ́tò kan, àwọn ọmọ ilé aláwọ̀ ewé tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ. Nígbà tó ṣí, orí wọn yọ, ife tí wọ́n gbé sókè yọ, láti àyà wọn lọ sísàlẹ̀ wá di eérú lásán, àwọ̀ kan ṣoṣo. Fọ́tò mẹ́gábáìtì 3.2 máa ń gba kílọ́sítà 820, fíìmù ti jẹ apá ìparí ẹ̀. JPEG ṣì ń gbìyànjú láti fi ohun tó ṣẹ́ kù hàn torí láti òkè wá sísàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́. Fáìlì Word ò ní sùúrù báyẹn. `.docx` jẹ́ àpò tí wọ́n fún àwọn fáìlì kéékèèké pọ̀ sí, àkójọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sì wà ní ìparí ẹ̀, tí fíìmù bá jẹ ìparí yẹn, Word á sọ pé fáìlì ti bàjẹ́, kò ní fi lẹ́tà kan hàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà lè ṣì wà níbẹ̀.

Irú kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Èsì SS3 padà, orúkọ ẹ̀ pé, bó ṣe tóbi pé, ọjọ́ ẹ̀ pé, Excel wá kọ̀ láti ṣí i. Ọmọkùnrin yẹn fi sọ́fíwià tó ń fi báìtì hàn ṣí i. `.xlsx` gidi gbọ́dọ̀ fi `50 4B` bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni lẹ́tà PK, èyí tó rí níbẹ̀ ò jọ ọ́ rárá, ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Ojú ìwé MFT sọ òótọ́ nípa ibi tí èsì náà wà tẹ́lẹ̀, ẹlòmíì ló ti wà níbẹ̀ báyìí. Èyí ò lè padà láéláé, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá yẹn láìfi bò.

Ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń lo Recuva, sọ́fíwià mìíràn tó ń gba fáìlì padà, torí ó máa ń fi àwọ̀ sàmì sí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ewé, ọsàn, pupa. Ohun tó ń wò ni bóyá fáìlì mìíràn ń lo kílọ́sítà yẹn lọ́wọ́. Ká ní ìyá yẹn bẹ̀rù, ó wá lọ dílíìtì fíìmù méjèèjì kó tó gbé e wá, bítímáàpù á sọ pé ibẹ̀ ti ṣófo, àmì ewé lè yọ fún èsì SS3, bẹ́ẹ̀ fíìmù ló wà nínú ẹ̀. Àwọ̀ ewé ò túmọ̀ sí pé nǹkan yín ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìyá yìí fi ṣì dáa díẹ̀ ni pé háàdì dísíkì ìta ni, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sórí ẹ̀ àfi òun fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ C: ni, ibi tí Wíńdóòsì fúnra ẹ̀ ń gbé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ lè jókòó lásán kẹ́ ẹ má tẹ nǹkan kan, Wíńdóòsì á máa gba ọ̀pọ̀déètì wọlé, bíráwúsà á máa kó fọ́tò gbogbo ojúlé tẹ́ ẹ bá ṣí pamọ́, gbogbo ìyẹn ń wá kílọ́sítà tó ṣófo. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti dílíìtì nǹkan pàtàkì lórí C:, ẹ má lọ máa wá sọ́fíwià kiri lórí kọ̀mpútà yẹn kan náà, ẹ pa á, kẹ́ ẹ yọ háàdì dísíkì ẹ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ kọ̀mpútà mìíràn.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀ fún SSD, irú èyí tí kò ní àwo tó ń yí, tó wà nínú ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tuntun. Láti Wíńdóòsì 7 tó jáde lọ́dún 2009 ni Wíńdóòsì ti máa ń ránṣẹ́ sí SSD lẹ́yìn dílíìtì pé àyè báyìí báyìí ò wúlò mọ́, TRIM ni wọ́n ń pè é. SSD á wá máa fọ àyè yẹn mọ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá sì lọ kà á, òdo lásán ló sábà máa ń fún yín, kódà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn háàdì dísíkì alàwo tuntun kan náà ti ń gba TRIM. Ẹ lè tẹ èyí sínú Command Prompt láti mọ̀ bóyá Wíńdóòsì yín ń rán an:

```
fsutil behavior query DisableDeleteNotify
```

Tó bá fún yín ní `0` níwájú NTFS, ó ń rán an, kẹ́ ẹ sì dín ìrètí kù tó bá jẹ́ SSD. Tó bá jẹ́ `1`, kò rán an.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ọlọ́pàá tàbí àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ kan tó lè ka ohun tó wà lábẹ́ ohun tí wọ́n ti kọ lé e lórí. Fún háàdì dísíkì òde òní, ìlànà NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti sọ láti ọdún 2006 pé kíkọ nǹkan lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Èyí tó ti lọ ti lọ, kẹ́ ẹ má san owó fún ẹni tó bá ṣèlérí pé òun á gbà á padà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó fẹ́ ta háàdì dísíkì tàbí lápútọ́ọ̀pù ẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa torí ìwé báńkì, fọ́tò ìdílé àti nọ́ńbà NIN wà nínú ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pa rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fọ́máàtì ẹ̀ tẹ́ ẹ fi máàkì síwájú Quick Format, ìwé tuntun ni Wíńdóòsì kàn ṣe, ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹni tó bá rà á lè fi PhotoRec wá a jáde. Ẹ yọ máàkì yẹn kúrò. Láti ìgbà Wíńdóòsì Vista, fọ́máàtì tí kì í ṣe Quick máa ń kọ òdo sí gbogbo àyè orí ẹ̀, ó máa ń pẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ fọ́máàtì, tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ nu àyè tó ṣófo lórí E: mọ́ láìfọwọ́ kan fáìlì tẹ́ ẹ ṣì ń lò, ẹ tẹ èyí:

```
cipher /w:E:\
```

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa kọ nǹkan sí àyè tó ṣófo, òdo ló kọ́kọ́ máa kọ, lẹ́yìn náà báìtì `FF`, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tí ò ní ètò. Lórí háàdì dísíkì gígábáìtì 500 tó ṣófo dáadáa, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ so lápútọ́ọ̀pù mọ́ iná tàbí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá kú láàárín, ibi tí kò tíì dé ṣì wà bó ṣe wà.